Orúkọ Tó Sá Lẹ́nu, Àtẹ̀jíṣẹ́ Tó Ṣìnà: Bí A Ṣe Ń Tún Un Ṣe Kí Àjọṣe Má Bàjẹ́

Ọkùnrin kan di ọwọ́ yín mú níbi ìgbéyàwó, ó ń rẹ́rìn-ín, ó ní, “Ṣé ẹ ṣì rántí mi?” Ẹ mọ ojú rẹ̀. Ẹ mọ̀ pé ẹ jọ jókòó níbi ìpàdé àwọn oníṣòwò nígbà kan, ẹ tiẹ̀ rántí pé táìlì ló ń tà. Orúkọ rẹ̀ nìkan ni kò wá sẹ́nu. Kò sí àyè púpọ̀ láti ronú, ohun tó sì máa ń yá ọ̀pọ̀ ènìyàn lẹ́nu jù ní irú àsìkò yẹn ni irọ́: “Háà! Báwo ni mo ṣe máa gbàgbé yín?”

Níbòmíràn, olóúnjẹ kan fẹ́ rojọ́ oníbàárà rẹ̀ fún àbúrò rẹ̀ lórí WhatsApp. Oníbàárà náà gan-an ló fi í ránṣẹ́ sí. Nígbà tó rí i, àyà rẹ̀ já. Ó yára pa á rẹ́, ó sì dákẹ́ bí ẹni pé nǹkan kan kò ṣẹlẹ̀.

Àṣìṣe méjèèjì wọ̀nyí ní ohun kan tó so wọ́n pọ̀. Orúkọ tí a gbàgbé kì í sábà ba àjọṣe jẹ́, ọ̀pọ̀ àtẹ̀jíṣẹ́ tó ṣìnà ló sì ṣeé tún ṣe. Ohun tó ń bà á jẹ́ ni ohun kejì tí a ṣe láti fi bo àkọ́kọ́: irọ́, ìméfò, àwáwí tàbí ìdákẹ́jẹ́ẹ́. Nítorí náà, ìṣẹ́jú díẹ̀ tó tẹ̀lé àṣìṣe ló yẹ kí á mọ bí a ṣe ń lò.

Ìdí tí orúkọ fi ń sá

A máa ń sọ pé a gbàgbé orúkọ, ṣùgbọ́n lọ́pọ̀ ìgbà orúkọ náà kò wọlé rárá. Ní ọdún 1973, onímọ̀ kan tó ń jẹ́ Malcolm Brenner gbé ìwádìí kan jáde. Ó kó àwọn ènìyàn jọ, wọ́n ń ka ọ̀rọ̀ sókè lọ́kọ̀ọ̀kan, lẹ́yìn náà ló ní kí wọ́n sọ èyí tí wọ́n bá rántí. Ọ̀rọ̀ tí ẹlòmíràn kà nígbà tó kù díẹ̀ kó kan àwọn fúnra wọn ló ṣòro fún wọn láti rántí, torí pé ọkàn wọn ti wà lórí tiwọn. Bẹ́ẹ̀ ló rí tí wọ́n bá ń fi wá mọ ara wa. Ẹni iwájú ń dárúkọ, àwa ń múra bí a ó ṣe dárúkọ tiwa, bóyá ká dọ̀bálẹ̀ ni tàbí ká bọwọ́. Etí gbọ́ orúkọ náà, ọkàn kò gbà á.

Ìdí kejì ni pé orúkọ kì í fa nǹkan mìíràn lọ́wọ́. Ní ọdún 1987, Kathryn McWeeny àti àwọn akẹgbẹ́ rẹ̀ mẹ́ta ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fi àwòrán ojú àwọn àjèjì han àwọn ènìyàn, wọ́n sì sọ orúkọ àti iṣẹ́ tí ẹni inú àwòrán kọ̀ọ̀kan ń ṣe. Wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ lo àwọn ọ̀rọ̀ tó lè jẹ́ orúkọ ìdílé níbẹ̀, tó sì tún lè jẹ́ iṣẹ́, bíi Baker, tí í ṣe oníbúrẹ́dì. Ọ̀rọ̀ kan náà ni, síbẹ̀ àwọn ènìyàn rántí rẹ̀ dáadáa nígbà tó jẹ́ iṣẹ́, wọ́n sì tètè gbàgbé rẹ̀ nígbà tó jẹ́ orúkọ. Iṣẹ́ oníbúrẹ́dì ń mú ààrò, ìyẹ̀fun àti òórùn búrẹ́dì gbígbóná wá sọ́kàn, gbogbo wọn sì ń ran ara wọn lọ́wọ́ láti dúró. Orúkọ àjèjì kò ní olùrànlọ́wọ́ kankan. Ìdí nìyẹn tí ẹ fi rántí pé ọkùnrin yẹn ń ta táìlì, tí ẹ kò sì mọ ẹni tó ń jẹ́.

Láàárín àwa Yorùbá, ohun kan tún wà tó ń dá kún un. Orí kan náà ni ọ̀pọ̀ orúkọ wa ń gbé: Adéwálé, Adéyẹmí, Adébáyọ̀, Adéṣínà. Ọkàn á gbé “Adé” wá, á sì dúró síbẹ̀, ẹnu á wá bá a parí rẹ̀ lórí ìméfò. Ibí yìí gan-an ló yẹ kí á ti dákẹ́. Ẹni tó ń jẹ́ Adéwálé tí a bi ní orúkọ rẹ̀ yóò dáhùn, ọ̀rọ̀ á sì tán. Ẹni tó ń jẹ́ Adéwálé tí a pè ní Adébáyọ̀ ní láti yàn bóyá kí òun tún wa ṣe lójú àwùjọ tàbí kí òun gbé e mì. Bó bá gbé e mì, a ó máa pè é bẹ́ẹ̀ lọ, ọjọ́ tí a bá wá mọ òtítọ́, ìtìjú rẹ̀ á ti ju ti ọjọ́ àkọ́kọ́ lọ.

Ọ̀wọ̀ lè bò ó, kò lè bò ó títí

Èdè wa fún wa ní ibi ìfarapamọ́ tó gbòòrò. Ènìyàn lè fi “ẹ̀gbọ́n”, “bàbá”, “olóyè” tàbí “Àlájà” bá ẹnì kan ṣe fún ọdún pípẹ́ láìpe orúkọ rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, kò sì sí ẹni tó máa fura. Ìwà ọmọlúwàbí ni, nítorí a kì í pe àgbà lórúkọ gán-án. Ewu rẹ̀ ni pé bó bá ṣe ń pẹ́ sí i ni ìbéèrè náà ń le sí i. Ní ìpàdé kejì, ìbéèrè kékeré ni. Nígbà tí ẹ bá ti jọ jẹun lẹ́ẹ̀mẹwàá, ó ti di ọ̀ràn.

Ibi tí ìbòjú náà ti ń ya ni ìgbà tí ẹnì kẹta bá dé. Ìyàwó yín wá bá yín nídìí tábìlì, ọkùnrin onítáìlì náà dúró, ó ń retí kí ẹ fi òun mọ̀ ọ́n. Ohun tó dára jù ni kí ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ọ̀dọ̀ ẹni tí ẹ mọ orúkọ rẹ̀: “Ẹ̀gbọ́n, ìyàwó mi nìyí, Ṣadé.” Kí ẹ sinmi díẹ̀. Lọ́pọ̀ ìgbà, ẹni kejì á na ọwọ́, á dárúkọ ara rẹ̀, kò sì sí irọ́ kankan nínú ohun tí ẹ ṣe. Àwọn tọkọtaya tó máa ń jọ lọ sóde tiẹ̀ lè bá ara wọn ṣe àdéhùn: bí ìdákẹ́jẹ́ẹ́ yẹn bá ti wáyé, kí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé dárúkọ tirẹ̀, kó sì béèrè ti àlejò.

Bí onítáìlì náà kò bá dárúkọ, a ní láti bi í. Ọ̀nà tó rọ̀ jù ni pé kí á kọ́kọ́ gbé ohun tí a rántí kalẹ̀: “Ìpàdé àwọn oníṣòwò ní Abẹ́òkúta la ti pàdé, ẹ sọ fún mi nípa táìlì yín. Ẹ má bínú, orúkọ yín ló sá lẹ́nu mi.” Ẹni náà á gbọ́ pé òun kò pòórá lọ́kàn yín. Ohun tí òun sọ wà níbẹ̀, ibi tí ẹ ti pàdé wà níbẹ̀, orúkọ nìkan ló kù. Bó bá jẹ́ àgbà, ẹ má ṣe béèrè “Kí ni orúkọ yín?” lásán. “Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ rán mi létí, báwo ni wọ́n ṣe ń pè yín?” ló dára. Ìbéèrè yìí fún àgbà ní àǹfààní láti yan ohun tó fẹ́ kí ẹ máa pe òun: oyè ni o, orúkọ ìdílé ni, tàbí Bàbá Fọlá. Ohun tó bá sì yàn ni kí ẹ lò lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀.

Àwọn ọgbọ́n kan wà tí àwọn ènìyàn gbẹ́kẹ̀ lé, tó sì máa ń já wọn kulẹ̀. Ọ̀kan ni pé kí a na fóònù sí ẹni náà kó tẹ nọ́ńbà rẹ̀ sí i. Bí nọ́ńbà náà bá ti wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀, fóònù á gbé “Bàbá Onítáìlì” jáde lójú ẹni tó ni ín. Èkejì ni kí a béèrè bí wọ́n ṣe ń kọ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀, kó wá jẹ́ pé Tólú ló ń jẹ́. Ìkẹta ni “Mo rántí yín dáadáa,” tí ìbéèrè tó máa tẹ̀lé e sì jẹ́ “Níbo la ti pàdé?” Àwọn àgbà ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò lé e bá. Irọ́ tòde kì í tiẹ̀ pẹ́ tó bẹ́ẹ̀. Kí wọ́n tó gbé oúnjẹ kalẹ̀, òtítọ́ ti lé e bá.

Bí ó bá jẹ́ pé orúkọ tí kì í ṣe tirẹ̀ ti bọ́ lẹ́nu wa, ẹ̀bẹ̀ kan tó: “Ẹ má bínú, Ọ̀gbẹ́ni Adéwálé ni.” Kí a lo orúkọ tó tọ́ nínú gbólóhùn tó tẹ̀ lé e, kí a sì máa bá ọ̀rọ̀ lọ. Ẹni tó bá ń tọrọ àforíjì léraléra ti gbé ẹrù sórí ẹni tí a ṣẹ̀, nítorí ẹni náà ni yóò wá máa rẹ̀ ẹ́ lẹ́kún. Ìtìjú wa sì máa ń tóbi lójú wa ju bó ṣe rí lójú ẹlòmíràn lọ. Ní ọdún 2000, Thomas Gilovich àti àwọn akẹgbẹ́ rẹ̀ ní Amẹ́ríkà ròyìn bí àwọn ṣe ní kí akẹ́kọ̀ọ́ kan wọ ẹ̀wù tí àwòrán olórin kan wà láyà rẹ̀, ẹ̀wù tí yóò tì í lójú, kó sì wọ inú yàrá tí àwọn ẹlòmíràn jókòó sí. Ẹni tó wọ ẹ̀wù náà rò pé bí ìdajì wọn ló máa mọ ẹni tó wà láyà òun. Nígbà tí wọ́n bi wọ́n, nǹkan bí ìdá mẹ́rin péré ló mọ̀ ọ́n.

Nígbà tí orúkọ náà bá wá tẹ̀ wá lọ́wọ́, ó yẹ kó dúró. Ní ọdún 1978, Thomas Landauer àti Robert Bjork fi hàn pé orúkọ máa ń dúró dáadáa bí a bá ń gbìyànjú láti rántí rẹ̀ fúnra wa, tí àlàfo tó wà láàárín ìgbìyànjú kan àti òmíràn sì ń gùn sí i. Pe orúkọ náà lójú ẹsẹ̀, gbìyànjú láti rántí rẹ̀ lẹ́yìn ìṣẹ́jú mélòó kan, tún gbìyànjú nígbà tí ẹ bá ń dágbére, kí o sì kọ ọ́ sílẹ̀ lálẹ́ láìkọ́kọ́ wo fóònù. Orúkọ ilẹ̀ wa sì ní ìrànlọ́wọ́ tí Baker kò ní. Ẹni tó ń jẹ́ Àyándélé, ilé onílù ni orúkọ rẹ̀ ti wá; Ọdẹ́wálé, ilé ọdẹ. Bi í nípa ìdílé náà. Ìdáhùn tó bá fún ọ ni yóò ṣe iṣẹ́ tí ààrò àti ìyẹ̀fun ń ṣe fún oníbúrẹ́dì.

Nígbà tí àtẹ̀jíṣẹ́ bá ṣìnà

Ẹ jẹ́ ká padà sọ́dọ̀ olóúnjẹ yẹn. Ká ní Ìbàdàn ló wà, màmá ìyàwó kan ló gbé iṣẹ́ 300 ènìyàn fún un, ìgbéyàwó sì ku ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Ohun tó fẹ́ kọ sí àbúrò rẹ̀ nìyí: “Màmá yìí fẹ́ da orí mi rú. Ẹran méjì-méjì fún 300 ènìyàn, owó ẹyọ kan-kan ló fẹ́ san. Ó fẹ́ fi òógùn mi ṣe fáàrí.” Orúkọ màmá náà ló wà lókè pátápátá, torí pé wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ̀rọ̀ tán, ìka rẹ̀ sì lọ síbẹ̀.

Ohun àkọ́kọ́ ni kó wo àmì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ àtẹ̀jíṣẹ́ náà. Bó bá jẹ́ ẹyọ kan, kò tíì dé orí fóònù màmá. Kó tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ pẹ́, kó mú àmì ìparẹ́, kó sì yan “Delete for everyone”. Ní irú èyí, ọ̀rọ̀ náà lè parí síbẹ̀, kò sì sí ìdí fún un láti lọ jẹ́wọ́ ohun tí màmá kò rí. Bí àmì bá ti pé méjì, kódà bí kò bá tíì di búlúù, kó pa á rẹ́, ṣùgbọ́n kó ṣe bí ẹni tó mọ̀ pé wọ́n ti kà á. Ọ̀rọ̀ náà lè ti hàn lójú fóònù kí wọ́n tó ṣí WhatsApp rárá, àwọn ènìyàn kan sì wà tí wọ́n ti pa àmì búlúù yẹn.

Láti oṣù kẹjọ ọdún 2022, WhatsApp ń fún ènìyàn ní àkókò tó lé díẹ̀ ní ọjọ́ méjì láti pa àtẹ̀jíṣẹ́ rẹ́ fún gbogbo ènìyàn. Ìpayà ló máa ń jẹ́ kí wọ́n tẹ “Delete for me” dípò rẹ̀. Ìyẹn á yọ ọ̀rọ̀ náà kúrò lójú ẹni tó kọ ọ́, á sì fi í sílẹ̀ lọ́wọ́ ẹni tí kò yẹ kó rí i. Bó bá ṣẹlẹ̀, “Undo” á hàn nísàlẹ̀ fún ìṣẹ́jú àáyá márùn-ún. Kí ó yára tẹ̀ ẹ́, kó sì tún yàn. Àtúnkọ ọ̀rọ̀, tí wọ́n fàyè gbà fún ìṣẹ́jú 15 láti ọdún 2023, wà fún lẹ́tà tó ṣì, kò wà fún èébú, nítorí “Edited” á hàn lára rẹ̀. Bákan náà ni ìparẹ́ máa ń fi “This message was deleted” sílẹ̀. Ẹni tó bá pa ọ̀rọ̀ rẹ́ tó wá dákẹ́ ti fi àyè sílẹ̀ fún ẹni kejì láti fọwọ́ ara rẹ̀ kọ ohun tó rò pé ó wà níbẹ̀.

Ohun kejì ni kó pe màmá náà láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀. Ìpè ni, kì í ṣe àtẹ̀jíṣẹ́, nítorí ẹ̀bẹ̀ tí a bá kọ sílẹ̀ fún àgbà dà bí ẹni tó dúró lẹ́yìn ògiri. Ohun tó máa sọ kò gbọ́dọ̀ gùn: “Ẹ káàárọ̀ mà. Àtẹ̀jíṣẹ́ kan dé ọ̀dọ̀ yín láti ọ̀dọ̀ mi báyìí. Èmi ni mo kọ ọ́, àbúrò mi ni mo fẹ́ fi ránṣẹ́ sí. Ọ̀rọ̀ tí kò yẹ kí n sọ nípa yín ni mà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú sí mi.” Lẹ́yìn náà, kó dákẹ́, kó jẹ́ kí màmá sọ tẹnu rẹ̀ tán.

Ẹ wo ohun tí kò sí nínú ẹ̀bẹ̀ yẹn. Kò ní ọmọ ló ń fi fóònù òun ṣeré, kò ní wọ́n ti gba WhatsApp òun, kò ní ẹlòmíràn ni òun ń bá wí. Kò tún ọ̀rọ̀ burúkú náà sọ. Kò sì sí “ṣùgbọ́n” níbẹ̀. Bí “ṣùgbọ́n owó yẹn kéré lóòótọ́ mà” bá ti wọlé, ẹ̀bẹ̀ ti di àríyànjiyàn. Ohun tó ń bẹ̀bẹ̀ lé lórí ni bó ṣe sọ̀rọ̀ nípa àgbà. Iye ẹran kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀, ọjọ́ mìíràn ni tirẹ̀.

Bí màmá kò bá gbé ìpè, kó kọ ohun kan náà sínú àtẹ̀jíṣẹ́ kan ṣoṣo, kó sì tún pè nírọ̀lẹ́. Bí kò bá tún gbé e, kó lọ bá ẹni tó júwe òun fún màmá láti ìbẹ̀rẹ̀, kí onítọ̀hún bá a bẹ̀ wọ́n, tàbí kó mú un lọ sílé wọn. Alágbàwí gbọ́dọ̀ mọ gbogbo òtítọ́ kó tó lọ. Bó bá jẹ́ ọ̀dọ̀ màmá ló ti kọ́kọ́ gbọ́ ohun tó wà nínú àtẹ̀jíṣẹ́ náà, ẹni méjì ni olóúnjẹ ti ṣẹ̀.

Lọ́jọ́ kejì tàbí ọjọ́ kẹta, kó wá gbé ọ̀rọ̀ iṣẹ́ kalẹ̀ bó ṣe yẹ kó ti gbé e kalẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ká ní 800 náírà ni ẹran kan: 300 ẹyọ jẹ́ 240,000 náírà, 600 ẹyọ jẹ́ 480,000. Bó bá jẹ́ pé àwọn 50 àlejò pàtàkì nìkan ló máa jẹ méjì, ẹyọ 350 ni, owó rẹ̀ sì jẹ́ 280,000. Kó kọ ọ̀nà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ránṣẹ́, kí màmá yan èyí tó wù ú. Kó má fi ẹ̀dínwó san gbèsè ọ̀rọ̀ ẹnu, nítorí ìbínú rẹ̀ lórí owó tí kò tó yóò tún padà wá, bóyá nínú oúnjẹ ọjọ́ náà gan-an.

Nígbà mìíràn, ọ̀rọ̀ ẹnì kẹta ló máa ń ṣìnà: ìwé àdéhùn oníbàárà kan, nọ́ńbà àkáǹtì rẹ̀, tàbí èsì àyẹ̀wò ara. Ọ̀pọ̀ ènìyàn á bẹ ẹni tó rí i pé kó pa á rẹ́, wọ́n á sì gbàgbé ẹni tó ni ọ̀rọ̀. Ẹni tó ni ín gan-an ló yẹ kó gbọ́: ohun tó jáde, ọ̀dọ̀ ẹni tó dé, àti ohun tí a ti ṣe. Bó bá jẹ́ lẹ́nu iṣẹ́, kí ọ̀gá gbọ́ lọ́jọ́ náà, torí òfin ìdáàbòbò dátà ilẹ̀ Nàìjíríà ti ọdún 2023 fún iléeṣẹ́ ní wákàtí 72 láti fi tó àjọ tó ń bójú tó o létí, bí ohun tó jáde náà bá lè pa ẹni tó ni ín lára.

Bí a ṣe ń mọ̀ pé ó ti tán

Bí màmá bá bẹ̀rẹ̀ sí í fi ọ̀rọ̀ náà dápàárá, tàbí tó béèrè iye ìgò omi tó máa tó 300 ènìyàn, ọ̀ràn ti tán, kí olóúnjẹ má tún bẹ̀bẹ̀ mọ́. Bó bá ní “Kò sí wàhálà,” tó sì dákẹ́ lẹ́yìn rẹ̀, kò tíì tán. Ẹ̀bẹ̀ kejì kò lè mú un yá. Ohun tó lè ràn án lọ́wọ́ ni àtẹ̀jíṣẹ́ kan tó dá lórí iṣẹ́, tó ní ọjọ́ àti iye nínú, tó sì rọrùn láti dáhùn.

Màmá sì lè gbé iṣẹ́ náà fún ẹlòmíràn. Ẹ̀tọ́ rẹ̀ ni. Àforíjì kì í fi dandan dá oníbàárà padà, olóúnjẹ kò sì gbọdọ̀ bẹ̀bẹ̀ bí ẹni tó ń ra nǹkan. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ tí ìyá ìyàwó mìíràn nínú ẹgbẹ́ wọn bá béèrè irú ènìyàn tí olóúnjẹ yẹn jẹ́, màmá á lè sọ pé ó sọ̀rọ̀ sí òun lóòótọ́, kò purọ́ rẹ̀, ó sì fi ẹnu ara rẹ̀ bẹ òun lọ́jọ́ náà gan-an.